Wọ́n Ní Àwọn Fi Orúkọ Rẹ Pamọ́: Èsì Wo Ló Yẹ Kí O Fọ̀?

Wọ́n ní kí n wá bá àwọn tó ń wá iṣẹ́ ní àwọn iléeṣẹ́ Ìkẹjà àti Agége sọ̀rọ̀. Bí a ṣe ń kọ ìwé ìwáṣẹ́, bí a ṣe ń múra fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ ti gbọ́ ìyẹn lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn. Ibì kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í sábà dé, ibẹ̀ ni mo fẹ́ dúró sí lónìí, nítorí mo ti rí i tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ níbẹ̀ láìyẹ kó bọ́.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún máa ń wọlé lórí fóònù báyìí: O ṣe dáadáa níwájú wa. Àwọn tí a nílò ti pé, ṣùgbọ́n a ti fi orúkọ rẹ pamọ́. Bí àyè bá ṣí, a ó pè ọ́.

Ẹni tó bá gba irú ọ̀rọ̀ yìí sábà máa ń ṣe ọ̀kan nínú ohun méjì. Àwọn kan á ní ọ̀nà pẹ̀lẹ́ tí wọ́n fi lé àwọn lọ nìyẹn, wọn ò ní fèsì, wọ́n á pa á rẹ́. Àwọn mìíràn á ti dá ọpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n á ti sọ fún ọ̀gá tí wọ́n ń bá ṣiṣẹ́ pé àwọn ń lọ. Àwọn méjèèjì ló ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ohun tí iléeṣẹ́ ń sọ ni pé o tó iṣẹ́ náà ṣe, pé ẹlòmíràn ló wà níwájú rẹ, àti pé wọn ò tíì mọ̀ bóyá ẹni náà yóò wá. Kò sí ìlérí kankan níbẹ̀, òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa kò sì so iléeṣẹ́ mọ́ orúkọ tí wọ́n fi pamọ́. Síbẹ̀ kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí wọn, tí wọ́n bá tilẹ̀ fi ránṣẹ́ rárá.

Ìpamọ́ kì í ṣe tuntun ní ọ̀dọ̀ wa. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ló dá ọgbà iléeṣẹ́ Ìkẹjà sílẹ̀ kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967, Agége sì ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń gbé nítorí pé yàrá kò wọ́n níbẹ̀, ó sì súnmọ́ iṣẹ́. Òyìnbó kan, Adrian Peace, wá ṣe ìwádìí láàárín àwọn òṣìṣẹ́ Agége wọ̀nyí ní nǹkan bí àkókò tí ìgbìmọ̀ Adébọ̀ ń yẹ owó oṣù wò, tí àwọn òṣìṣẹ́ Ìkẹjà sì daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí àbájáde rẹ̀. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1979. Ní ayé ìgbà náà, ẹnu géètì ni àkọsílẹ̀ ìpamọ́ wà. Àwọn ọkùnrin á tò síbẹ̀ láàárọ̀, bí ẹnì kan kò bá yọjú sẹ́nu ẹ̀rọ rẹ̀, ọ̀gá á jáde wá, á na ìka sí ẹni tó rí. Ẹni tó wà nítòsí tí ara rẹ̀ sì le ló ń wọlé. Títí dòní, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń mú lébìrà ọjọ́ kan ní ẹnu àwọn géètì kan ní Ọ̀gbà àti ní òpópónà Ọba Akran. Ní ti iṣẹ́ tó ní ìwé, orí kọ̀ǹpútà ẹ̀ka òṣìṣẹ́ ni wọ́n gbé ìtò náà sí báyìí, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀gá ń wá nígbà tí àyè bá ṣí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: ta ló wà nítòsí, ta ló lè wọlé kíá?

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ inú yàrá tí wọ́n ti ń ṣe ìtò náà. Ká ní iléeṣẹ́ kan ń wá olùtọ́jú sítóò méjì, àwọn tó ń gba ẹrù wọlé, tí ń kọ ọ́ sínú ìwé, tí ń fún ẹ̀ka tó ń po nǹkan ní ohun èlò, tí wọ́n sì ń ka ohun tó kù ní òpin oṣù. Wọ́n pe ogún èèyàn. Àwọn mẹ́ta jókòó síwájú wọn: ọ̀gá sítóò, ẹnì kan láti ẹ̀ka òṣìṣẹ́, ẹnì kan láti ẹ̀ka ìṣirò owó. Oníkálukú ní ìwé tí ó ń kọ máàkì sí, fún ìmọ̀ iṣẹ́, fún ìṣirò, fún bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ro máàkì pọ̀. Wọ́n ti fi ẹnu kò tẹ́lẹ̀ lórí iye tí ẹni tó bá tó o lè ṣe iṣẹ́ náà. Èèyàn márùn-ún ló kọjá ibẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ gba ìwé ìgbanisíṣẹ́, mẹ́ta tó kù bọ́ sí ìpamọ́, wọ́n sì tò tẹ̀lé ara wọn. Ìdí tí iléeṣẹ́ fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé owó àti àkókò ni ìpè kejì yóò jẹ, ìkéde, ìdánwò, ọjọ́ mẹ́ta tí ọ̀gá mẹ́ta kò ní ṣe iṣẹ́ tiwọn. Bí wọ́n bá ní ẹni ìpamọ́ tó dára, fóònù kan péré ni.

Ní báyìí, kí ló lè yọ ẹni tó wà níwájú? Ó lè gba ibòmíràn. Ẹni tó mókè níbi kan sábà máa ń mókè níbi méjì, nítorí náà láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n fún un ní ìwé, ó lè ní owó oṣù kò tó, kó máa lọ. Bó bá gbà, wọ́n á rán an lọ fún àyẹ̀wò ara. Ní iléeṣẹ́ oúnjẹ, wọ́n á yẹ ìgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n á ya fọ́tò àyà nítorí ikọ́ ife, ẹlòmíràn á sì dúró síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni fọ́ọ̀mù onídùúró. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọ̀pọ̀ tó já bọ́, n óò sì padà síbẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, ọjọ́ ìwọṣẹ́ ṣì wà, ẹlòmíràn kò sì ní yọjú láé. Àwọn mìíràn á wọlé, ṣíìfù alẹ́ pẹ̀lú ọkọ̀ láti Ìfọ̀ tàbí Sàngó á sú wọn láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á lọ. Lẹ́yìn èyí, ibi tí àyè tún ti lè ṣí ni ìgbà tí oṣù ìdánwò bá parí, tí í sábà jẹ́ oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà, tí iléeṣẹ́ yóò sọ ẹni tí wọ́n ń mú dúró.

Ẹ wo bí àwọn ihò wọ̀nyí ṣe tò. Púpọ̀ jù nínú wọn ló súnmọ́ ara wọn ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹni tó mókè tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Lẹ́yìn náà ohun gbogbo á dákẹ́, títí di òpin oṣù ìdánwò. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní máa pe ẹ̀ka òṣìṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè fún ọdún kan. Ó mọ ìgbà tó yẹ kí fóònù òun wà ní títàn.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan nínú àwọn mẹ́ta wọ̀nyẹn, ẹni tó ṣe ìkẹta nínú márùn-ún, tí ó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ ní ìpamọ́. Ká ní ọmọbìnrin kan ni, ilé rẹ̀ wà ní Orílé Agége, ó sì ti lo oṣù mẹ́rìnlá ní iléeṣẹ́ kan ní Ọ̀gbà tí wọ́n ti ń di ọjà sínú páálí. Ọ̀rọ̀ náà wọlé sórí ímeèlì rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Túsìdeè. Ó fèsì kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ sí i, èdè òyìnbó ló fi dáhùn, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí:

“Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo dúpẹ́ pé ẹ jẹ́ kí n mọ ibi tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ olùtọ́jú sítóò dé. Mo ṣì fẹ́ iṣẹ́ náà, inú mi yóò sì dùn bí orúkọ mi bá wà lára àwọn tí ẹ fi pamọ́. Bí àyè bá ṣí, mo lè wọṣẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́wàá sí ìgbà tí mo bá gba ìwé ìgbanisíṣẹ́, mo sì lè ṣe ṣíìfù ọ̀sán àti ti alẹ́. Ìwé ẹ̀rí mi wà nílẹ̀, àwọn onídùúró mi méjèèjì sì ti gbà. Nọ́ńbà mi nìyí, àti ti ẹ̀gbọ́n mi bí tèmi kò bá lọ. Ẹ jọ̀wọ́, títí di ìgbà wo ni ẹ óò fi àwọn orúkọ yìí sílẹ̀? Ṣé iṣẹ́ yìí nìkan ni wọ́n wà fún, tàbí wọ́n lè kan iṣẹ́ tó jọ ọ́ ní ẹ̀ka mìíràn?”

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe.

Gbólóhùn pé òun ṣì fẹ́ iṣẹ́ náà lè dà bí ohun tí kò pọn dandan. Ó pọn dandan. Lójú ẹ̀ka òṣìṣẹ́, ẹni tí kò fèsì jẹ́ ẹni tó ti lè ríṣẹ́ síbòmíràn. Nígbà tí àyè bá ṣí ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè, tí ọ̀gá sítóò ń pariwo pé ẹrù ń bọ̀ ní Mọ́ńdè, ẹni tí wọ́n ní ìdáhùn rẹ̀ lọ́wọ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè. Mi ò sọ pé ìdáhùn rere lè gbé ẹni ìkarùn-ún bọ́ sí ipò ìkẹta. Níbi tí wọ́n bá ti ń tẹ̀lé máàkì, máàkì ni yóò ṣèdájọ́. Ṣùgbọ́n níbi tí àwọn mẹ́ta bá fi máàkì kan tàbí méjì ju ara wọn lọ, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ aládàáni kì í ṣírò dé ibẹ̀ mọ́. Ẹni tí wọ́n bá rí ni wọ́n ń mú.

Ọjọ́ ìwọṣẹ́ ni ọkàn ìwé náà. Ohun tó ń dun iléeṣẹ́ nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ bá já wọn kulẹ̀ ni ihò tó wà lórí ìwé ṣíìfù. Ẹnì kan ń ṣe iṣẹ́ èèyàn méjì, owó àṣekún ń gùn. Ẹni ìpamọ́ tó bá lè sọ ọjọ́ tí òun máa wọlé ti yanjú ìṣòro fún wọn kí wọ́n tó pè é. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí èèyàn bá sọ gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́, àwọn ọ̀dọ́ wa sì máa ń kó sínú èyí. Wọ́n á kọ ọ́ pé “mo lè wọṣẹ́ lọ́la,” nígbà tó jẹ́ pé wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ tó ní àdéhùn.

Báwo ni ọmọbìnrin wa ṣe rí ọjọ́ mẹ́wàá? Ó ṣírò ni. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, ní abala 11, sọ iye ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ tàbí ọ̀gá gbọ́dọ̀ fi ṣe ìkìlọ̀ kí àdéhùn tó parí níbi tí ìwé iṣẹ́ kò bá ti sọ ọ́. Bí o bá ti lo oṣù mẹ́ta tàbí kò tó bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kan ni. Bó bá ju oṣù mẹ́ta lọ tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan ni. Bó bá pé ọdún méjì tí kò tíì pé márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì. Ọdún márùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù kan. Èyí tó bá tó ọ̀sẹ̀ kan, inú ìwé ni kó ti wà, ẹnu lásán kò tó. Oṣù mẹ́rìnlá ni tirẹ̀, ìwé iṣẹ́ rẹ̀ kò sì sọ nǹkan mìíràn, nítorí náà ọ̀sẹ̀ kan ni gbèsè rẹ̀. Ó fi ọjọ́ mẹ́ta kún un fún àyẹ̀wò ara àti fọ́ọ̀mù. Bí ìwé tìrẹ bá sọ oṣù kan, oṣù kan ni kí o kọ, má ṣe fi ṣe ọ̀sẹ̀. Iléeṣẹ́ tuntun máa ń pe ti àtijọ́ láti bèèrè bí o ṣe kúrò, ẹni tó sá lọ ní òru ọjọ́ kan kò sì ní rí ọ̀rọ̀ rere gbà.

Ọ̀rọ̀ ti ibi iṣẹ́ àtijọ́ yìí náà ló ń mú mi tẹnu mọ́ ọn pé kí ẹnikẹ́ni má fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ìpamọ́. Kódà bí wọ́n bá pè ọ́ lórí fóònù pé àyè ti ṣí, ìpè ni, ìwé kọ́. Dúró títí ìwé ìgbanisíṣẹ́ yóò fi dé ọwọ́ rẹ tí ó ní orúkọ iléeṣẹ́, iṣẹ́, owó oṣù, ọjọ́ ìwọṣẹ́ àti ìbuwọ́lùwé, tí èsì àyẹ̀wò ara sì ti jáde. Ọjọ́ yẹn ni kí o kọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń dun èèyàn láti tún padà lọ dúró síwájú ọ̀gá tí a ti fẹ́ fi sílẹ̀. Ebi ilé dun èèyàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìbéèrè méjì tó fi parí ìwé rẹ̀ ṣe pàtàkì lọ́nà mìíràn. Àwọn ará ilé wa ní ìlú Ọba tó ń wá iṣẹ́ ìjọba mọ̀ ọ́n dáadáa: níbẹ̀, orúkọ tó bá wà ní ìpamọ́ fún iṣẹ́ ìjọba sábà máa ń wà títí di oṣù 12, bí àyè tó jọ ọ́ bá sì ṣí ní ẹ̀ka mìíràn láàárín àkókò náà, wọ́n lè mú èèyàn láti inú rẹ̀ láìṣe ìdánwò tuntun. Ní Ìkẹjà, iléeṣẹ́ aládàáni kò ní irú ìlànà tó so gbogbo wọn pọ̀ bẹ́ẹ̀. Òmíràn á fi sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, òmíràn á gbàgbé rẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹni tó kọ ọ́ bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Bí o kò bá bèèrè, o kò ní mọ ìgbà tó yẹ kí o gbé ojú kúrò. Bí wọ́n bá sì sọ fún ọ pé iṣẹ́ tó jọ ọ́ wà lára rẹ̀, kọ irú àwọn tí o lè ṣe ránṣẹ́. Ẹni tó lè ka sítóò lè kọ ìwé ẹrù tó ń jáde ní géètì pẹ̀lú.

Ẹ tún wo ohun tí kò sí nínú ìwé náà. Kò bèèrè pé kí ló dé tí kì í ṣe òun. Bí o bá fẹ́ mọ ibi tí o ti kùnà, o lè bèèrè lẹ́yìn tí ìpamọ́ bá parí, àwọn mìíràn á sì sọ fún ọ tinútinú. Kò rò fún wọn pé owó ilé ti pé, pé àbúrò òun wà nílé ìwé. Òótọ́ ni, ó sì ń dun èèyàn, ṣùgbọ́n kò sí àyè tí ẹni tó ń kà á lè kọ ọ́ sí lórí ìwé máàkì. Kò sì rán ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ tó mọ máníjà. Mo mọ̀ pé ibí yìí ni ọ̀pọ̀ yín á ti sọ pé bàbá yìí kò mọ Nàìjíríà. Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ pẹ̀lú pé ẹni tó ti mókè nípa máàkì rẹ̀ tó wá lọ fi ẹnu èèyàn tì í lẹ́yìn ti sọ ara rẹ̀ di ẹni ẹnu, ọjọ́ tí ẹni náà bá sì bá máníjà jà, ó parí.

Ẹ jẹ́ ká padà sí onídùúró, nítorí ibẹ̀ ni ìpè tó wọlé ti sábà máa ń padà jáde. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ní agbègbè yìí ń fẹ́ onídùúró méjì tí kì í ṣe ẹbí, tí wọ́n ní iṣẹ́ tó ṣeé fojú rí, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti dé ìpele kan, tàbí ẹni tó ní káàdì iṣẹ́ iléeṣẹ́ ńlá. Fọ́ọ̀mù náà ń fẹ́ fọ́tò pélébé, ẹ̀dà káàdì ìdánimọ̀, ẹ̀dà bíìlì iná, àti ìbuwọ́lùwé pé bí òṣìṣẹ́ bá kó ọjà lọ, òun yóò dáhùn. Fún iṣẹ́ sítóò, iléeṣẹ́ á rán èèyàn lọ sí ilé àti ibi iṣẹ́ onídùúró láti rí i bóyá òótọ́ ni. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ronú lórí èyí dáadáa yóò rí i pé nǹkan ńlá ni à ń bèèrè lọ́wọ́ èèyàn. Nígbà tí àyè bá wá ṣí lójijì, tí ẹ̀ka òṣìṣẹ́ fún ọ ní ọjọ́ mẹ́ta láti dá fọ́ọ̀mù padà, ìyẹn kọ́ ni ìgbà tí o máa ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ pásítọ̀ tàbí alága àdúgbò. Onídùúró á ní kí òun kọ́kọ́ bá ìyàwó òun sọ̀rọ̀. Ìyàwó á ní rárá. Ọjọ́ mẹ́ta ti lọ.

Nítorí náà, láàárín ọ̀sẹ̀ tí ìwé ìpamọ́ bá dé, lọ bá ẹni mẹ́ta, má ṣe lọ bá méjì. Sọ orúkọ iléeṣẹ́ fún wọn, sọ irú iṣẹ́, sọ pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n wá sílé wọn. Jẹ́ kí ẹni tó máa kọ̀ kọ̀ nísinsìnyí. Bèèrè ẹ̀dà bíìlì iná àti fọ́tò lọ́wọ́ àwọn tó bá gbà, kí o fi sínú fáìlì kan pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí rẹ, ìwé ìbí, nọ́ńbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè, àti nọ́ńbà owó ìfẹ̀yìntì bí o bá ti ní in níbi iṣẹ́ àtijọ́. Nígbà tí ọmọbìnrin wa kọ ọ́ pé àwọn onídùúró òun ti gbà, ó ti lọ sọ́dọ̀ wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà kí ó tó kọ ọ́.

Fóònù ńkọ́? Ó ń ṣe mí bíi kí n má sọ ọ́ nítorí ó kéré, ṣùgbọ́n ó ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èèyàn. Inú iléeṣẹ́ tí èèyàn ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n máa ń gba fóònù lẹ́nu géètì kí ó tó wọ ibi ẹ̀rọ. Ìpè á wọlé ní aago mẹ́wàá àárọ̀, òṣìṣẹ́ náà á rí i ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹ̀ka òṣìṣẹ́ á ti pe ẹni tó tẹ̀lé e. Ìdí nìyí tí nọ́ńbà ẹlòmíràn fi wà nínú ìwé náà, ẹni tí fóònù rẹ̀ kì í sùn, tó sì mọ ohun tó máa sọ: ó wà lẹ́nu iṣẹ́, yóò pè yín padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bí wọ́n bá ti dá ọ lóhùn pé oṣù mẹ́ta, fi ọ̀rọ̀ kúkúrú kan ránṣẹ́ lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, nígbà tí ó yẹ kí ẹni àkọ́kọ́ ti wọṣẹ́, kí o sì fi òmíràn ránṣẹ́ bí oṣù mẹ́ta bá ń pé. Gbólóhùn méjì tó. Ṣì wà, ṣì fẹ́, nọ́ńbà kò yí padà. Lẹ́yìn náà, yọ ọkàn rẹ kúrò níbẹ̀. Ohun kan wà tí ẹni ìpamọ́ kò lè rí láti ìta: bóyá àyè náà ṣì wà rárá. Ní 2008, Dunlop dá ṣíṣe táyà dúró ní Ìkẹjà. Ní 2023, Unilever tí ó ní iléeṣẹ́ ní Orégùn kéde pé òun kò ní ṣe ọṣẹ ìfọṣọ àti ọṣẹ ìwẹ̀ mọ́ ní Nàìjíríà. Nígbà tí iléeṣẹ́ bá ń dínkù báyìí, gbogbo orúkọ tó wà ní ìpamọ́ di òfìfo, kò sì sí ẹni tó máa kọ ìwé sí ọ láti sọ bẹ́ẹ̀. Àmì tí o fi lè mọ̀ ni pé wọn ò gba ẹnikẹ́ni mọ́ ní ẹ̀ka kankan, àwọn tó wà nínú ń sọ pé wọ́n ti gé ṣíìfù mẹ́ta sí méjì. Ìdí nìyí tí ìwáṣẹ́ kò fi gbọ́dọ̀ dúró fún ọjọ́ kan ṣoṣo nítorí ìpamọ́.

Nígbà mìíràn ìpè á wọlé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n gbé wá kì í ṣe èyí tí o wá fún. Wọ́n á ní àyè ti ṣí, àmọ́ abẹ́ kóńtíráàtì ni, iléeṣẹ́ mìíràn tó ń kó òṣìṣẹ́ wá ni yóò máa san owó rẹ. Èyí pọ̀ gan-an ní agbègbè wa. Mi ò ní kí ẹ kọ̀ ọ́, ọ̀pọ̀ ló ti ibẹ̀ di òṣìṣẹ́ gidi. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bèèrè ni pé ta ni ọ̀gá mi lórí ìwé, èló ni yóò dé ọwọ́ mi lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ tiwọn, ṣé wọ́n ń san owó ìfẹ̀yìntì, àti pé bí mo bá gba èyí, ṣé orúkọ mi ṣì wà ní ìpamọ́ fún iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọ lórí ímeèlì.

Bí ẹnì kan bá sì pè ọ́ pé òun lè gbé orúkọ rẹ sókè lórí ìwé ìpamọ́ fún ẹgbẹ̀rún mélòó kan, olè ni. Iléeṣẹ́ kì í gba owó fọ́ọ̀mù, owó aṣọ iṣẹ́ tàbí owó àyẹ̀wò ara sínú àkáǹtì ẹnì kan. Pe nọ́ńbà tí wọ́n fi pè ọ́ wá sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, kí o sọ fún wọn. Òfin 2006 tó wà fún jìbìtì ń fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ sẹ́wọ̀n láti ọdún méje lọ sí ogún, kò sì sí owó ìtanràn tó lè fi rọ́pò rẹ̀.

Ó ku ọ̀kan. Ká ní ọmọbìnrin Orílé Agége yìí kò dúró, ó rí iṣẹ́ sítóò síbòmíràn ní òpópónà Acme ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó ti wọlé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ìpè wọlé láti iléeṣẹ́ àkọ́kọ́: ẹni kan ti lọ, ṣé ó ṣì ń bọ̀? Ó yẹ kí ó ti kọ̀wé sí wọn ní ọ̀sẹ̀ kẹfà pé òun ti ríṣẹ́, kí wọ́n yọ orúkọ òun, ìyẹn ló dára jù fún ẹni tó ń dúró lẹ́yìn rẹ̀. Bí kò bá tíì ṣe é, kó má ṣe tijú, kó má sì sá fún ìpè náà. Kó bèèrè owó oṣù, ṣíìfù àti ọjọ́ ìwọṣẹ́, kó ní òun yóò dáhùn ní aago méjìlá ọ̀sán ọ̀la. Kó fi ìwé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kó fi owó ọkọ̀ kún un, kó rántí pé kò tíì pé oṣù mẹ́ta níbi tuntun, nítorí náà bí ìwé rẹ̀ kò bá sọ nǹkan mìíràn, ìkìlọ̀ ọjọ́ kan péré ni òfin ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá máa lọ, kí ìwé ìgbanisíṣẹ́ kọ́kọ́ dé. Bó bá máa dúró, kí ó pè wọ́n kí aago méjìlá tó lù, nítorí ẹni ìkẹrin wà ní Ìjú tàbí ní Àgbádó tí fóònù rẹ̀ wà ní títàn.